Ọkọ̀ Inú Àwòrán Gbọ́dọ̀ Tẹ Ilẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó dá mi lójú pé ẹ ti rí irú àwòrán báyìí rí lára kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ tàbí lára ògiri ilé ọ̀rẹ́ yín: ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé kan ní òpópónà tí kò sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ojú yín ti bà á báyìí ni ọkàn yín sọ pé ọkọ̀ náà kò sí níbẹ̀ rárá, pé wọ́n gbé e síbẹ̀ lẹ́yìn náà ni. Ẹni tó ṣe é gé etí ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, kò sì sí àléébù kan lára ọ̀dà rẹ̀. Síbẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n fi okùn so ọkọ̀ kọ́ sójú afẹ́fẹ́.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi ń jẹun, irú iṣẹ́ àkópọ̀ báyìí sì máa ń dé ọ̀dọ̀ mi. Ohun tí ojú ń rí tí ẹnu kò lè sọ nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í ṣe awo. Ohun mẹ́ta ni: ibi tí ojú kámẹ́rà ga dé, bí ọkọ̀ ti yẹ kó tóbi tó ní ibi tí a gbé e sí, àti òjìji tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni bàbá àwọn méjì yòókù. N ó fi iṣẹ́ kan tí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀, kí olùkọ́ tó bá fẹ́ fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé lè rí i lò, kí oníṣòwò tó ń ra ọkọ̀ láti ojú àwòrán sì lè mọ ohun tí yóò wò.

LỌ́RÌ TÍ KÒ SÍ MỌ́

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde mú fọ́tò kékeré kan wá fún mi. Bọ́lẹ̀kájà bàbá rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, lọ́rì onípákó irú èyí tí a mọ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1969, tí kọ̀ndọ́ rẹ̀ dúró tì í. Wọ́n ti ta lọ́rì náà tipẹ́tipẹ́, bàbá náà sì ti di olóògbé. Owó tó ti ara lọ́rì yẹn jáde ni wọ́n fi kọ́ ilé tí àwọn ọmọ ń gbé títí dòní, ṣùgbọ́n kò sí àwòrán kan ṣoṣo tí lọ́rì àti ilé ti wà pọ̀. Gáréèjì kan ní ìlú mìíràn ni wọ́n ti ya èyí tó wà lọ́wọ́.

Ìyá náà ní, "Ọmọ mi, mo fẹ́ kí o bá mi gbé e wá sílé. Gbé e síwájú ilé bàbá mi, níbi tí wọ́n máa ń gbé e sí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó mọ lọ́rì yìí ṣì wà láyé o. Bí kò bá jọ ọ́, wọn yóò sọ ọ́ lójú agbo."

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi fọ́tò yìí léèrè ibi tí ẹni tó yà á dúró sí."

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ lọ ya òpópónà bó ti wù wọ́n, tí wọn yóò wá máa fi tipátipá ki ọkọ̀ bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ inú fọ́tò kò ṣeé yí padà. Bí wọ́n bá yà á láti ìsàlẹ̀, kò sí bí a ti lè mú kí òrùlé rẹ̀ hàn. Bí wọ́n bá yà á láti ẹ̀gbẹ́, kò sí bí a ti lè mú kó kọjú sí wa. Lọ́rì ti lọ, a kò lè tún un yà. Òpópónà ṣì wà, a lè tún un yà nígbà mẹ́wàá. Nítorí náà òpópónà ni yóò tẹ̀lé lọ́rì.

ÌLÀ OJÚ

Bí ẹ bá dúró lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ẹ wo ọ̀kánkán, ìlà kan wà lọ́ọ̀ọ́kán tó bá ojú yín dọ́gba, níbi tí ilẹ̀ ti dà bí ẹni pé ó pàdé ọ̀run. Èmi a máa pè é ní ìlà ojú. Bí ẹ bá jókòó, ìlà náà á bá yín wálẹ̀; bí ẹ bá gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, á bá yín gòkè. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún kámẹ́rà.

Ohun tó yani lẹ́nu nípa ìlà yìí ni pé, bí ojú kámẹ́rà bá ga ní mítà 1.1 sí ilẹ̀, gbogbo ohun tó bá dúró lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan náà ni ìlà ojú yóò là kọjá ní mítà 1.1 sí ilẹ̀, ìbáà ṣe èyí tó wà nítòsí, ìbáà ṣe èyí tó wà lókèèrè. Bí àgbàlagbà mẹ́wàá bá tò sójú pópó, lókè ìdodo díẹ̀ ni yóò gba ara gbogbo wọn kọjá, bí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá tilẹ̀ kéré bí ẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá di èyí mú ti di ọ̀pá tí a fi ń wọn gbogbo nǹkan inú àwòrán mú.

Báwo la ṣe ń rí ìlà náà nínú fọ́tò tí a kò bá wọn yà? Àwọn pákó ara bọ́lẹ̀kájà ló sọ ọ́ fún mi. Nínú fọ́tò náà, imú lọ́rì kọjú sí wa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì hàn, ó ń lọ sẹ́yìn sí apá òsì wa. Ní ti òótọ́, àwọn pákó ẹ̀gbẹ́ náà kì í pàdé ara wọn; ṣùgbọ́n nínú fọ́tò, ti òkè ń rọ̀ wálẹ̀ bó ti ń lọ sẹ́yìn, ti ìsàlẹ̀ sì ń gòkè. Mo lẹ fọ́tò náà mọ́ àárín páálí ńlá kan, mo fi rúlà fa ìlà pákó òkè àti ti ìsàlẹ̀ jáde síta títí wọ́n fi pàdé. Ojú ìpàdé yẹn wà lórí ìlà ojú. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún iwájú lọ́rì, láti ara bọ́ńpà àti etí òkè gíláàsì. Àwọn wọ̀nyí pàdé jìnnà réré lápá ọ̀tún. Mo wá so ojú ìpàdé méjèèjì pọ̀, ìlà ojú sì yọ.

Lẹ́yìn náà mo fi ẹ̀rọ sikánà gbé fọ́tò náà wọ inú kọ̀ǹpútà, mo sì fa ìlà náà síbẹ̀. Àwòrán inú kọ̀ǹpútà, ẹyọ tóótòòtó ló para pọ̀ di í. Píksẹ́lì ni a ń pè é, a sì lè kà á bí ẹní ka owó. Táyà iwájú ga ní píksẹ́lì 600. Láti ibi tí táyà yìí kan náà ti tẹ ilẹ̀ dé ìlà ojú jẹ́ píksẹ́lì 660. Táyà lọ́rì irú àtijọ́ yẹn ga tó nǹkan bíi mítà 1. Bí 600 bá jẹ́ mítà 1, mítà 1.1 ni 660. Mo tún yẹ táyà ẹ̀yìn wò: òun ga ní 400, ilẹ̀ rẹ̀ sí ìlà ojú sì jẹ́ 440. Ìdáhùn kan náà ni. Kámẹ́rà náà ga ní mítà 1.1.

Ó yé mi lọ́gán. Fọ́tò náà ní igun mẹ́rin tó dọ́gba, bíi ti àwọn kámẹ́rà ayé ọjọ́un tí a máa ń gbé sí ikùn tí a ó sì tẹrí wo inú wọn láti òkè. Ẹni tó yà á dúró ni, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ni kámẹ́rà ti ń wo lọ́rì. Bí mo bá ti lọ ya òpópónà láti ojú mi, ìlà ojú òpópónà ì bá wà ní mítà 1.6, ti lọ́rì ní mítà 1.1, àwọn méjèèjì kò sì ní rẹ́ láéláé.

JÍJÌNNÀ

Gíga nìkan kò tó. Ó yẹ kí a mọ bí kámẹ́rà ti jìnnà sí lọ́rì tó, nítorí jíjìnnà ló ń sọ bí ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò ti kéré sí iwájú rẹ̀. Kì í ṣe irú gíláàsì kámẹ́rà ló ń ṣe é, bí ọ̀pọ̀ ti rò. Bí a bá sún mọ́ ọkọ̀, imú rẹ̀ á tóbi, ìdí rẹ̀ á kéré. Bí a bá jìnnà, méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Táyà méjèèjì ló tún dáhùn èyí. Táyà iwájú jẹ́ 600, ti ẹ̀yìn jẹ́ 400. Nítorí náà, bí táyà iwájú bá jìnnà ní ìdá méjì, ti ẹ̀yìn jìnnà ní ìdá mẹ́ta. Àlàfo àárín wọn, tí í ṣe ìdá kan, jẹ́ nǹkan bíi mítà 4 nínú irú lọ́rì bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá kọjú sí wa tó sì dagun díẹ̀. Ìdá méjì wá di mítà 8. Láti ibi tí ayàwòrán dúró sí dé táyà iwájú jẹ́ mítà 8.

Mo lọ sí iwájú ilé ìyá náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sunday kan tí kò sí ọkọ̀ lójú pópó. Mo gbé kámẹ́rà lé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo fi tépù wọn ojú rẹ̀ ní mítà 1.1 sí ilẹ̀. N kò jẹ́ kó gbójú sókè, n kò sì jẹ́ kó wolẹ̀, nítorí àwọn pákó tó dúró ṣánṣán lára lọ́rì kò dagun nínú fọ́tò àtijọ́ yẹn. Mo fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀ ní mítà 8, níbi tí táyà iwájú yóò tẹ̀. Níwọ̀n bí lọ́rì yóò ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ìlà etí gọ́tà àti ìlà pákó ẹ̀gbẹ́ lọ́rì gbọ́dọ̀ ní ojú ìpàdé kan náà. Mo ń yí kámẹ́rà, mo sì ń sún ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi bọ́ sí i.

Mo gbé igi kan tí mo gé ní mítà 1 gẹ́lẹ́ dúró lórí àmì ẹfun, mo ya àwòrán kan. Mo gbé igi kúrò, mo ya èkejì láì fọwọ́ kan kámẹ́rà. Èyí tó ní igi ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí. Èkejì ni a ó lò.

Nígbà tí mo délé, ìṣirò kò ju ìlà kan lọ. Nínú àwòrán òpópónà, láti àmì ẹfun dé ìlà ojú jẹ́ píksẹ́lì 330. Nínú ti lọ́rì, 660 ni. 330 jẹ́ ìdajì 660, nítorí náà ìdajì ni n ó sọ lọ́rì dà. Kọ̀ǹpútà mi ní GIMP, tí a kì í san owó fún. Mo tẹ `Scale`, mo kọ 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Táyà wá di 300. Mo ṣí àwòrán ẹlẹ́rìí: igi mítà 1 náà ga ní 300. Mo mọ̀ nígbà náà pé lọ́rì ti bọ́ sí àyè rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé n kò fi ojú díwọ̀n rárá. Bí ẹnìkan bá ní kí n sún lọ́rì sẹ́yìn dé ibi tí ilẹ̀ ti jẹ́ 220 sí ìlà ojú, ìdá kan nínú mẹ́ta ni n ó sọ ọ́ dà. Ìwọ̀n rẹ̀ yóò tọ́, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ yóò ṣì tóbi bíi ti ọkọ̀ tó wà ní mítà 8 nígbà tó jẹ́ pé mítà 12 ló dúró sí. Díẹ̀ ṣeé gbà. Bó bá pọ̀, ojú á kọ̀ ọ́.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Ní ìlú olókè bí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, bí òpópónà bá ń gun òkè, etí gọ́tà rẹ̀ á pàdé lókè ìlà ojú. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, á pàdé nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn òrùlé àti fèrèsé ilé, tí bíríkìlà tò gún régé, ni kí a fi wá ìlà ojú nírú ibẹ̀. Bí a bá sì gbé ọkọ̀ tí wọ́n yà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ sójú ọ̀nà tó dagun, kò ní jókòó láéláé.

ÒJÌJI

Nínú fọ́tò àtijọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ òsì lọ́rì ló mọ́lẹ̀, òjìji kọ̀ndọ́ sì ṣubú sápá ọ̀tún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kọ̀ndọ́ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé oòrùn ti dé ìdajì ọ̀nà láàárín ilẹ̀ àti àtàrí. Òpópónà ilé náà lọ láti àríwá sí gúúsù. Mo kọjú sí gúúsù, ìlà-oòrùn wà lósì mi, mo sì dúró di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, tí òjìji igi mítà 1 mi fi gùn ní mítà 1 gẹ́lẹ́. Bó bá jẹ́ ọ̀sán gangan ni mo yà á, kò sí bí mo ti lè kun òjìji tí yóò bá ìmọ́lẹ̀ ara lọ́rì mu.

Òjìji ọkọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, méjì ni. Àkọ́kọ́ ni òkùnkùn abẹ́ ọkọ̀, níbi tí oòrùn kò dé tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run pàápàá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Ibi tí rọ́bà táyà ti kan ilẹ̀ ló dúdú jù, bí ìlà tín-ín-rín. Bó ti ń kúrò níbẹ̀ ló ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ìlà tín-ín-rín yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, òun gan-an sì ni ìṣó tó kan ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí i, gbogbo ìṣirò tí a ti ṣe bọ̀ kò ní gba ọkọ̀ lọ́wọ́ léfòó. Kódà ní ọjọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn, òjìji yìí wà síbẹ̀.

Èkejì ni òjìji oòrùn. Lọ́rì náà ga tó táyà 2.7, ìyẹn mítà 2.7, níwọ̀n ìgbà tí igi mítà 1 ti ta òjìji mítà 1, òjìji lọ́rì yóò gùn ní mítà 2.7 sápá ọ̀tún, ní ìhà kan náà tí òjìji igi ẹlẹ́rìí lọ. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀gbẹ́ lọ́rì dé ògiri ilé jẹ́ mítà 2 péré. Òjìji kì í dúró nídìí ògiri. Ó máa ń gùn ún. Mítà 0.7 tó ṣẹ́kù gun ògiri lọ sókè, òjìji náà sì tẹ̀ wọ inú gọ́tà kó tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá na òjìji gbọọrọ bí ẹní tẹ́ ẹní lé gọ́tà lórí ti tú ara rẹ̀ fó.

Mo ṣe òjìji kọ̀ọ̀kan lórí ìpele tirẹ̀, láàárín òpópónà àti lọ́rì, mo sì fi wọ́n sí `Multiply`, kí òkúta àti ìlà ilẹ̀ lè máa hàn lábẹ́ wọn. Bí òjìji oòrùn yóò ti dúdú tó, òpó iná tó wà lójú pópó ló sọ fún mi: mo mú kó bá ti òpó náà dọ́gba. Òkùnkùn abẹ́ ọkọ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ jù ú lọ. Etí òjìji náà kò dọ́gba. Nídìí táyà ó mú ṣáṣá. Ṣùgbọ́n èyí tó ti etí òrùlé wá fẹ́lẹ́ díẹ̀, nítorí oòrùn kì í ṣe ojú abẹ́rẹ́, ó ní fífẹ̀. Ní gíga mítà 2.7 yẹn, etí òjìji á fẹ́lẹ́ tó nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 4 tàbí 5, tí í ṣe píksẹ́lì 12 sí 15 nínú àwòrán yìí. Mo fi `Gaussian Blur` ṣe é níbẹ̀, mo sì dín in kù bí mo ti ń sún mọ́ ilẹ̀ táyà.

Ní ìparí, mo sọ òpópónà di dúdú àti funfun. Dúdú inú fọ́tò àtijọ́ kò dúdú tán, eérú díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo jẹ́ kí dúdú òpópónà àti ti òjìji rọ̀ dé ibẹ̀.

OHUN TÍ ÀGBÀ KAN BÉÈRÈ

Nígbà tí mo gbé e dé ilé, àgbà kan tó ti wọ lọ́rì náà rí wò ó títí. Kò sọ̀rọ̀ lórí gíga, kò sọ̀rọ̀ lórí òjìji. Ọmọ ilé kan ló béèrè pé kí ló dé tí lọ́rì kọjú sí wa lápá ọ̀tún, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ tó bá dúró lápá ibẹ̀ lónìí ẹ̀yìn ni yóò kọ sí wa. Àgbà náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Apá òsì la ń wà nígbà náà, ọmọ mi." Òótọ́ ni: ọjọ́ kejì oṣù April ọdún 1972 ni Nàìjíríà tó yí sí apá ọ̀tún. Bí mo bá ti yí fọ́tò lọ́rì padà bí ẹní wo dígí kó lè bá tòní mu, ọwọ́ dírẹ́bà ì bá yí, gbogbo ọ̀rọ̀ tí bàbá náà kọ sí iwájú lọ́rì ì bá sì di àkàsẹ́yìn.

Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àwòrán náà pé àkópọ̀ ni, pé ibì kan ni a ti ya lọ́rì, ibòmíràn ni a ti ya ilé, kí ọmọ tí a kò tíì bí má baà ṣì í gbà.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀nà kan náà ni kí ẹ fi yẹ àwòrán ọkọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín wò. Ẹ wo àwọn ènìyàn tó dúró lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ nínú rẹ̀, kí ẹ rí ibi tí ìlà ojú ti gba ara wọn kọjá. Bó bá jẹ́ àyà wọn, tí ó sì gba òkè òrùlé ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kọjá, ọkọ̀ náà kò bá wọn dúró lórí ilẹ̀ kan. Ẹ fi òjìji òpó wé òjìji ọkọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹjú mọ́ ìdí táyà, kí ẹ wá ìlà dúdú tín-ín-rín yẹn. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má tíì sanwó. Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà níbi tó wà.